Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Fọ Aṣọ Nínú Kíláàsì: Èsì fún Àwọn Tó Ní Eré Kì Í Kọ́ni ní Gírámà

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìlobùú, ní Ifọ̀n àti ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ẹ̀yin ni mo kọ ìwé yìí sí. Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọjá, tí ẹ gbọ́ tí àwọn ọmọ ń ké ní ohùn kan pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni orúkọ ènìyàn, ẹranko, ibi tàbí nǹkan, pé ọ̀rọ̀-ìṣe sì ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ ohun tí a ṣe, ọkàn yín á balẹ̀ pé owó ilé-ìwé kò ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá wọn tí wọ́n ń fọ aṣọ gbígbẹ nínú abọ́ tí kò lómi, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní ọ̀lẹ ni tíṣà. Èmi ní ẹ ti gbé e sódì, n ó sì fi ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan péré ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ orin àkọ́sórí yẹn wò. Ẹ pe ọmọ tó mọ̀ ọ́n kà jù lọ nínú kíláàsì, kí ẹ bi í léèrè: irú ọ̀rọ̀ wo ni “ijó”? Ijó jẹ́ ohun tí a ń ṣe, orin náà sì sọ pé ohun tí a ṣe ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí ọmọ náà bá tẹ̀lé ohun tí ẹ kọ́ ọ, yóò ní ọ̀rọ̀-ìṣe ni, yóò sì ṣì í. Ẹ tún bi í nípa “ga” nínú “Adé ga”. Kò sẹ́ni tó ń ṣe nǹkan kan níbẹ̀; Adé kàn dúró jẹ́ẹ́ ni. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ni “ga” lédè Yorùbá, bẹ́ẹ̀ náà ni “mọ̀” àti “fẹ́ràn”. Ọmọ náà kò ya òpè. Ìtumọ̀ tí ẹ fún un ló kéré sí iṣẹ́ tí ẹ rán an. Àkọ́sórí ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ ń tọ́ka sí nínú ayé, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ń dúró sí nínú gbólóhùn ni gírámà ń wò. Èyí ni ọmọ ọdún mẹ́jọ lè fi ara rẹ̀ rí kó tó lè fi ẹnu ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan tí mo ní lọ́kàn rèé. Ohun èlò rẹ̀ ni ìró àlòkù kan, abọ́ kan, àti okùn tí a so mọ́ àga méjì. Ọmọ mẹ́rin jáde síwájú, àwọn yòókù á sì máa fi ọwọ́ òfìfo fara wé wọn níbi tí wọ́n jókòó sí. Tíṣà á pàṣẹ, òun fúnra rẹ̀ á sì kọ́kọ́ ṣe é kí wọ́n rí i: rẹ aṣọ, fọ aṣọ, ṣan aṣọ, fún aṣọ, sá aṣọ, ká aṣọ, wọ aṣọ. Bí a ti ń ṣe é nílé ló tò ó yẹn, kò sì sí ọmọ tí kò tíì rí i rí. Lẹ́yìn èyí ni yóò dáwọ́ dúró, tí yóò wá máa pe àṣẹ láìtò ó: “Sá aṣọ! Fún aṣọ! Rẹ aṣọ!” Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń ṣe èyí, ìró kan náà ló wà lọ́wọ́ àwọn mẹ́rin náà. Ìṣe ló ń yí padà.

Tíṣà á wá dá eré náà padà sí òdìkejì. “Fọ aṣọ. Fọ àwo. Fọ ojú. Fọ ẹsẹ̀.” Ọwọ́ kò yéé rìn bó ṣe ń rìn, ohun tí ọwọ́ ń kàn ló ń yàtọ̀. Ìgbà yìí, kò sì gbọdọ̀ ṣáájú ìgbà yìí, ni tíṣà á béèrè pé: kí ló yí padà lẹ́ẹ̀kíní? Kí ló yí padà lẹ́ẹ̀kejì? Àwọn ọmọ fúnra wọn ni yóò sọ pé nígbà àkọ́kọ́, nǹkan dúró, iṣẹ́ ń yí. Nígbà kejì, iṣẹ́ dúró, nǹkan ń yí. Orúkọ tí a ń pe ìkínní àti ìkejì ni tíṣà wá ń fi kún un: ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀rọ̀-orúkọ. Bí ó bá fi orúkọ wọ̀nyí ṣáájú, inú afẹ́fẹ́ ni wọn yóò wà, nítorí kò tíì sí ohun tí wọn yóò lẹ̀ mọ́.

Apá tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ràn jù. Yorùbá kì í sábà fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́nu. Fọṣọ la máa ń sọ, a ń gbálẹ̀, a ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tó ń kọ “fọṣọ” sínú ìwé kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀-orúkọ ló wọnú ara wọn níbẹ̀. Nítorí náà, a ó kọ “fọ” sórí páálí kan, “aṣọ” sórí èkejì, ọmọ méjì á dì wọ́n mú. Wọn á sún mọ́ra títí èjìká á fi kan èjìká, ẹni tó mú “aṣọ” á sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo “a”. Kíláàsì á kà á: fọṣọ. Wọn á tún yà, “a” á tún yọjú. Bákan náà ni fún gbá àti ilẹ̀. Nígbà tó bá kan “ṣe” àti “iṣẹ́”, ẹ ó rí i pé ọmọ tó mú ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa bo fáwẹ̀lì tirẹ̀. Bó ṣe rí náà nìyẹn nínú “pẹran”, tó jẹ́ pa àti ẹran. Ẹ má ṣe fún wọn ní òfin kankan lórí ìyẹn ní kíláàsì kẹta. Ó tó kí wọ́n rí i pé ẹnìkan nínú àwọn méjèèjì ní láti bo nǹkan, kí ọ̀rọ̀ lè so.

Kí tíṣà ṣọ́ra níhìn-ín, torí kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń là bẹ́ẹ̀. “Jókòó” àti “dìde” dà bí èyí tó ṣeé pín, ṣùgbọ́n ọmọ kò ní rí ọ̀rọ̀-orúkọ kankan fà yọ nínú wọn. Kí a fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ti rí. Tíṣà tó bá lọ ń fi tipátipá là wọ́n yóò ba gbogbo ohun tí eré náà kọ́ jẹ́.

Ohun tó kù ni “ijó” àti “ga”, àwọn tó da orin àkọ́sórí rú. Kí ọmọ kan dúró pẹ̀lú páálí “kò”, kí àwọn yòókù máa wá dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tiwọn níkọ̀ọ̀kan. Kò fọ: kíláàsì gbà. Kò jó: wọ́n gbà. Kò ga: wọ́n gbà. Kò mọ̀: wọ́n gbà. Kò aṣọ: ẹ ó gbọ́ ẹ̀rín. Kò ijó: ẹ̀rín tún sọ. Ọ̀rọ̀ tí “kò” lè ṣáájú báyìí ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Kò sẹ́ni tó ní láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni “ga” tàbí kì í ṣe iṣẹ́, torí etí ọmọ tí wọ́n bí sí Ìlobùú ti mọ ohun tó tọ́ kí tíṣà tó dé. Ọ̀kan ṣoṣo ni kí a yẹra fún: “wà”. Kò sí là ń sọ, a kì í sọ pé kò wà, nítorí náà kí ó má ṣe sí lára páálí ọjọ́ náà.

Ẹ ó ní àwọn ọmọ kan kàn ń wo ẹnìkejì wọn ṣe ni. Òótọ́ ni, ibẹ̀ sì ni eré ti sábà máa ń tan tíṣà jẹ. Bí ogójì ọmọ bá ń fún aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè jẹ́ pé mẹ́wàá péré ló gbọ́ àṣẹ. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ni kí tíṣà pe “ká aṣọ”, kí òun fúnra rẹ̀ sì máa ṣe bí ẹni tó ń sá a. Ẹni tó bá sá a, ojú ló fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Tàbí kí ó ní kí ìlà kan di ojú. Ewu kejì ni pé kí eré gba gbogbo àkókò. Bí agogo bá lù tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ gbólóhùn kan, ẹ̀yin tó ń bínú jàre. Eré kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò náà lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, kí ọmọ kọ gbólóhùn mẹ́fà nípa ohun tí ara rẹ̀ ṣe, kí ó fa ìlà kan sábẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, méjì sábẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ.

Àwọn kan á ní àṣà tuntun ni irú ẹ̀kọ́ yìí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti àwọn ọdún 1960 ni James Asher, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Kalifóníà, ti fi àṣẹ àti ìṣe kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè Rọ́ṣíà àti ti Jàpáànù, tó sì kọ̀wé pé a kì í tètè gbàgbé ohun tí ara bá ṣe. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ lọ wá dé Amẹ́ríkà? Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tiwa yìí ni ìlú Làmídì Àyánkúnlé, tó gbé dùndún dé òkè òkun. Ta ló ti rí ọmọ Àyàn kan rí tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ ka ìtumọ̀ ìyáàlù sórí kó tó mú ọ̀pá ìlù lọ́wọ́?

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé irú ẹ̀kọ́ yìí, tó jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé, yóò dí Gẹ̀ẹ́sì ọmọ lọ́wọ́. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ Sẹ́ńtì Sítífínì “A” ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin lọ. Ètò yẹn kò dán eré wò, n kò sì ní parọ́ pé ó ṣe bẹ́ẹ̀. Èdè ló dán wò, ìbẹ̀rù yín nípa èdè ló sì dáhùn.

Ẹ ó ṣí ìwé ọmọ yín lálẹ́, ẹ ó rí gbólóhùn mẹ́fà péré níbi tí ẹ ti ń retí ojú ìwé méjì. Kí ẹ tó múra láti lọ bá tíṣà jà lọ́jọ́ kejì, ẹ sọ fún ọmọ náà pé kí ó la “pọnmi” sí méjì, kí ó sì sọ èwo nínú méjèèjì ni “kò” lè ṣáájú.