"On" Kì í Ṣe Faransé Ọmọ Ìta

Ọ̀rọ̀ Faransé àwọn ọmọ wa la gbé wá lónìí, ó sì ti pẹ́ tó ti ń dùn wá.

Àwọn tíṣà kan wà ládùúgbò wa níbí, a ò ní dárúkọ sukúù kankan, tí wọ́n máa ń fi bírò pupa pa ọ̀rọ̀ kékeré kan rẹ́ nínú ìwé àwọn ọmọ. "On" ni ọ̀rọ̀ náà. Bí ọmọ bá kọ "on mange", pé à ń jẹun, wọ́n á gé e, wọ́n á kọ "nous mangeons" lé e lórí, wọ́n á sì ní Faransé ọmọ ìta ló kọ. Àwọn òbí kan náà ti gbà á gbọ́, wọ́n ń bá ọmọ jà nílé pé kó má sọ̀rọ̀ bí ará gáréèjì mọ́. Àwa ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní Faransé tí kò jẹ́ kó fi ẹnu kan "on", àbọ̀ èdè ló ń kọ́ ọ.

Ẹ rìn dé Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnù, tàbí kí ẹ lọ bá àwọn ìbátan wa ní Kétu, ilé ìwé tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ni ni wọ́n lọ. Ẹ jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń fi Faransé tàkúrọ̀sọ. "On" lẹ máa gbọ́ lọ́tùn-ún lósì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Lọmé, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Párísì. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ, "on y va" ni wọ́n máa wí. Ọmọ tó jẹ́ pé "nous" nìkan ló mọ̀ á dúró síbẹ̀, á máa wòye pé ta ni wọ́n ń bá wí. Bó bá wá lanu dáhùn, bí ẹni ń ka lẹ́tà ìjọba ni yóò máa dún. Kì í ṣe pé ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ o. Aṣọ òde ló wọ̀ wọ ilé ìdáná.

Ohun tó tún ń yà wá lẹ́nu ni pé kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún ọmọ Yorùbá rárá, torí a ní irú rẹ̀ nílé. Ohùn rẹ̀ gan-an kò jìnnà: bí a ṣe ń fi imú pe òpin "ìbọn" la ṣe ń pè é. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín "àwa" àti "a". "A ń gbé Bwari" là ń sọ lójoojúmọ́. Bí a bá fẹ́ tẹnu mọ́ ọn pé àwa ni, kì í ṣe àwọn ẹlòmíì, a ó ní "Àwa, a ń gbé Bwari". Faransé ẹnu ń ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: "On habite à Bwari." Bí wọ́n bá sì fẹ́ tẹnu mọ́ ọn, "Nous, on habite à Bwari." Ẹ ti rí i, "nous" dúró síbi "àwa", "on" sì dúró síbi "a". Bí "a" kì í sìí ṣe àbọ̀ fún ọ̀rọ̀-ìṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni "on". A kì í sọ pé "wọ́n rí a", "wọ́n rí wa" là ń sọ. Ẹnikẹ́ni kì í sì sọ "avec on", "avec nous" ni. Torí náà "nous" kò lọ síbì kan, iṣẹ́ olùwà ojoojúmọ́ nìkan ló gbé fún àbúrò rẹ̀.

Ìjọra yẹn kò tán síbẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbà ní "a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni", ta ni "a" yẹn? Kì í ṣe èmi àtìwọ ní Bwari. Ẹnikẹ́ni ni, ọmọ ènìyàn lápapọ̀. Bí "on" náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Inú "homo" ti èdè Látìn ló ti jáde, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ènìyàn, bí àwa náà ṣe ń sọ pé "èèyàn ò mọ ohun tí ọ̀la máa bí". Nínú májẹ̀mú kan tí àwọn ọba fi búra ní ìlú Strasibọọgi lọ́dún 842, tó wà lára ìwé Faransé tó pẹ́ jù, ọ̀rọ̀ náà ti wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí "om". Ìgbà tó yá ló fi kún ìtumọ̀ "àwa". Ẹ tún wo "ẹni" inú òwe yẹn: bàbá ẹni ni, kì í ṣe bàbá wa. Bí "on" bá jẹ́ ẹnikẹ́ni, "son" ló ń bá a rìn: "on aime son père", èèyàn a máa fẹ́ràn bàbá ẹni. Bó bá jẹ́ àwa, "notre" ló máa gbà: "on aime notre père", a fẹ́ràn bàbá wa. Ọmọ tó bá ti gbọ́ òwe rí kò lè ṣi ìyẹn mú, bí tíṣà bá lè là á yé e.

Ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń ṣubú ni ọ̀rọ̀-ìṣe, ó sì nídìí. Yorùbá kì í yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà nítorí olùwà. Mo lọ, a lọ, wọ́n lọ, "lọ" náà ni. Ọmọ á wá rò ó pé nígbà tí "on" jẹ́ àwa, ó yẹ kó gba ọ̀rọ̀-ìṣe ti àwa, á kọ "on sommes", á kọ "on avons". Ìyẹn ni kí tíṣà fi bírò pupa gé, a ò ní bá a jà. Iye èèyàn yòówù kó wà lẹ́yìn "on", ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ máa ń jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, ìkan náà pẹ̀lú ti "il" àti "elle": on est, on a, on va, on mange. Ènìyàn kan ni ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe kò sì gbàgbé. Ìdí rèé tí ẹnu fi fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ bá pe je mange, tu manges, il mange, ils mangent, ohùn kan náà ni etí ń gbọ́. "Nous" àti "vous" nìkan ló ń da orin rú. Bí "on" bá ti gba ipò "nous", ọ̀rọ̀-ìṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró gbọin bíi ti Yorùbá.

Ibi tí tíṣà ti ń ṣubú, ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí a fi ojú ara wa rí. Ọmọbìnrin kan kọ àròkọ nípa bí òun, màmá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ṣe lọ sọ́jà ní Sátidé. Ó kọ "On est allées au marché. On est rentrées fatiguées." Pé a lọ sọ́jà, ó sì rẹ̀ wá nígbà tí a padà dé. Tíṣà gé gbogbo "es" tó wà lẹ́yìn, ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé ẹyọ ni "on", báwo ni ọ̀rọ̀ àpèjúwe rẹ̀ ṣe máa jẹ́ ọ̀pọ̀. Ó gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tó mọ ohun tó ń ṣe.

Ta ló lọ sọ́jà? Obìnrin mẹ́ta. Nítorí náà "e" tó ń fi abo hàn yẹ, "s" tó ń fi ọ̀pọ̀ hàn náà yẹ. Ká ní bàbá wọn bá wọn lọ ni, akọ ti wọ àárín wọn, yóò di "on est allés". Ká ní ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ènìyàn lápapọ̀, pé bó bá rẹ èèyàn, èèyàn á sùn, "quand on est fatigué, on dort" ni, láìsí "s", torí kò sí àwọn kan pàtó lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ń wo ìrísí "on", ọ̀rọ̀ àpèjúwe sì ń wo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, etí kì í gbọ́ ìyàtọ̀, ojú ló ń rí i, àmọ́ ẹ fi "content" dán an wò. Bí àwọn ọkùnrin bá ní inú àwọn dùn, wọ́n á ní "on est contents", ẹ ò ní gbọ́ "t" ìparí. Bó bá jẹ́ obìnrin nìkan, "on est contentes", "t" yẹn á dún ketekete.

Tíṣà kan lè ní kí ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ́ ẹyọ kí ọ̀rọ̀ àpèjúwe jẹ́ ọ̀pọ̀, ìyẹn ò bọ́gbọ́n mu. Ṣebí òun náà ló ń kọ́ wọn ní "vous". Bí ọmọ bá ń bá bàbá àgbàlagbà kan sọ̀rọ̀, "vous êtes fatigué" ni yóò wí: ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ́ ti ọ̀pọ̀ nítorí ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ àpèjúwe jẹ́ ẹyọ nítorí pé bàbá kan ṣoṣo ló jókòó síbẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó ń pe bàbá rẹ̀ ní "ẹ" láti kékeré mọ̀ pé kì í ṣe bàbá méjì ló wà nílé. Ohun kan náà ni "on est fatigués" ń ṣe, òdìkejì ló gbà.

Bó bá jẹ́ òfin ni tíṣà ń béèrè, òfin wà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1976, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Faransé gbé ìwé àṣẹ kan jáde lórí ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ kà sí àṣìṣe nínú ìdánwò. Ó sọ pé àṣà ni kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé "on" lẹ́yìn "être" jẹ́ akọ àti ẹyọ, ṣùgbọ́n bí "on" bá dúró fún obìnrin tàbí fún ènìyàn púpọ̀, kí wọ́n gba àmì abo àti ti ọ̀pọ̀ wọlé. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá kọ "on est allé" láìsí "s", kò jẹ̀bi. Èyí tó fi "s" sí i náà kò jẹ̀bi, òun gan-an ló sì ń kọ ọ́ bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ni èdè ṣe ń kọ ọ́ báyìí. Bírò pupa yẹn nìkan ló jẹ̀bi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí a má tìtorí èyí wá kó "s" sí ibi gbogbo. "Être" là ń sọ. Bó bá jẹ́ "avoir", ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e kì í wo olùwà rárá: "on a mangé", ì báà jẹ́ obìnrin ogún ló jẹun. "On a mangés" kò sí níbì kankan. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún "on n'a pas": etí kì í gbọ́ "n'" yẹn torí ó wọ inú ohùn "on" lọ, ọmọ á sì fò ó nínú ìwé.

Àwọn tó ń sọ pé ìdánwò ló kan àwọn, a gbọ́ yín. Nínú lẹ́tà sí ọ́fíìsì, nínú àròkọ tó wúwo, "nous" ni kí ọmọ kọ, kó sì tò ó dé òpin, kó má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "nous" kó parí rẹ̀ pẹ̀lú "on". Àmọ́ nínú ìtàn tí ọmọ ń sọ nípa ilé rẹ̀, nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀, àti níbi tí wọ́n ti ń fi ẹnu dán Faransé wò, "on" ní ipò tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó láṣẹ láti pè é ní ọ̀rọ̀ ìta.

Ìpàdé òbí àti tíṣà tó ń bọ̀, ẹ kó ìwé àwọn ọmọ dání. Níbi tí wọ́n bá ti gé "on sommes", ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà. Níbi tí wọ́n bá ti gé "on est allées" ìyá àti ọmọbìnrin, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ló lọ sọ́jà, kí ẹ sì ní kó dá máàkì ọmọ padà.