"Àpò Wà" Kì í Ṣe Èsì

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin oníṣòwò kòkó, oṣù Kẹjọ ọdún ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ àpò ìkórè ńlá ti di ohun tí a ń kọ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé a ó bi ẹni tí ń ta àpò léèrè pé, "Ǹjẹ́ àpò wà?" Òun yóò dáhùn pé, "Ó wà," a ó sì padà sílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè náà kò tó, èsì rẹ̀ kò sì ṣeé gbé iṣẹ́ lé. Kì í ṣe pé oníṣòwò náà purọ́. Àpò lè wà nínú sítóò rẹ̀ láìní olówó; ó lè wà níbẹ̀ kí ó sì ti ṣe ìlérí rẹ̀ fún ẹlòmíràn; ó sì lè wà lórí òkun. Lẹ́nu oníṣòwò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni "ó wà".

Ilẹ̀ Bangladéṣì àti Íńdíà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àpò ìdọ̀họ tí ayé ń lò ti ń wá. Ìbátan ewédú tí a ń jẹ ni igi tí wọ́n ń bó fọ́nrán rẹ̀ láti fi hun ún. Nítorí náà, àpò tí ó bá tán lọ́wọ́ oníṣòwò kì í ṣe ohun tí ó lè rí rọ́pò lọ́jọ́ kejì. Bí àpò bá sì wọ́n, kòkó tí a ti sá gbẹ yóò wà nílẹ̀, yóò máa fa ọ̀rinrin padà. Bí ọ̀rinrin inú rẹ̀ bá kọjá 8 nínú 100, ó lè bu, ẹni tí ń yẹ kòkó wò yóò sì kọ̀ ọ́. Àwọn mìíràn a kó o sínú àpò rọ́bà, èyí tí kì í jẹ́ kí ó mí, tàbí sínú àpò ajílẹ̀, èyí tí ó ń ba kòkó jẹ́. Àgbẹ̀ tí kò ní àpò yóò sì tà fún ẹni tí ó ní, ní iye tí onítọ̀hún bá dá.

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní agbègbè Íkóm, ní Ìpínlẹ̀ Kúrọ́ọ̀sì Rífà, ṣe àpẹẹrẹ. Ẹgbẹ́ náà ń retí tọ́ọ̀nù 120. Àpò kan ń gba kílò 62.5, nítorí náà àpò 16 ni tọ́ọ̀nù kan, àpò 1,920 sì ni gbogbo rẹ̀. Ìdì kan jẹ́ àpò 300. Ìdì 7 yóò fún wọn ní 2,100, àpò 180 yóò sì ṣẹ́kù fún èyí tí ó bá ya. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kò ní wúlò lọ́jọ́ kan náà. Tọ́ọ̀nù 20 ni wọn yóò dì ní oṣù Kẹwàá, èyí tí í ṣe àpò 320. Ní oṣù Kọkànlá, tọ́ọ̀nù 45 ni, èyí tí í ṣe àpò 720, tàbí 24 lóòjọ́. Ìyókù di oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní.

Nígbà tí wọ́n ti mọ èyí, wọ́n kọ ìwé sí oníṣòwò àpò ní Kàlàbá báyìí pé:

"Ọ̀gá wa, a kí yín. A ń fẹ́ ra ìdì àpò kòkó 7. Kí a tó san owó, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dá wa lóhùn lórí nǹkan wọ̀nyí. Ìdì mélòó ni ó wà nínú sítóò yín lónìí tí ẹ kò tíì ṣe ìlérí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni? Ọjọ́ mélòó ni ẹ lè fi pa á mọ́ dè wá? Ìdì mélòó nínú èyí tí ń bọ̀ ni yóò jẹ́ tiwa, ọjọ́ wo sì ni ọkọ̀ rẹ̀ yóò gúnlẹ̀? Nínú ẹrù yín mẹ́ta tí ó dé kẹ́yìn, ọjọ́ mélòó ni ó gba ọ̀kọ̀ọ̀kan láti èbúté dé sítóò yín? Ṣé epo tí a fún láti ara èso ni wọ́n fi rọ fọ́nrán àpò náà, kì í ṣe epo inú ilẹ̀?"

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí kì í ṣe àṣejù. Láti ọdún 1998 ni ìlànà àgbáyé kan ti wà lórí àpò tí a ń kó kòkó àti kọfí sí, nítorí pé epo inú ilẹ̀ a máa wọ inú ẹrù tí a bá kó sí i.

Ẹ wo èsì tí ó dé. Ìdì 3 wà ní sítóò, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti gba 1. Ó ku 2, èyí tí í ṣe àpò 600. Ìdì 4 yóò jẹ́ tiwọn nínú ọkọ̀ tí yóò gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá. Oníṣòwò ní àpò yóò wọ sítóò òun ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá. Ṣùgbọ́n ó tún kọ ọ́ pé ẹrù òun mẹ́ta tí ó kẹ́yìn gba ọjọ́ 24, 26 àti 31 láti èbúté.

Ibí yìí ni ọgbọ́n wà. Bí a bá gba ọjọ́ 5 gbọ́, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọjọ́ 31 kún ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò gúnlẹ̀, a ó bá ara wa ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá. Títí di alẹ́ ọjọ́ 24, ẹgbẹ́ yóò ti nílò 320 ti oṣù Kẹwàá àti 576 ti ọjọ́ 24 wọ̀nyí, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 896. Bí a bá yọ 600 tí ó wà nílẹ̀ kúrò, ó ku 296. Ìdì kan péré ni ó ń dènà ìdààmú. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ẹgbẹ́ náà ra ìdì kan yẹn lọ́wọ́ oníṣòwò mìíràn ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n gba 2 tí ó wà nílẹ̀, wọ́n sì fi 4 sílẹ̀ de ọkọ̀.

Àwọn kan yóò wí pé bí ìbéèrè bá pọ̀ jù, oníṣòwò yóò rò pé a kò fọkàn tán òun. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Oníṣòwò kò láṣẹ lórí ọkọ̀ òkun tàbí lórí àwọn aṣọ́bodè. Ọjọ́ tí ó dá jẹ́ ìrètí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹrù àná gbà jẹ́ ohun tí ojú ti rí. Ẹni tí ó bá fi ìrètí àti ìrírí rẹ̀ hàn wá pọ̀ ni ó yẹ kí a bá dòwò. Ẹni tí a bi ní iye tí ó sì dáhùn pé "ẹ má ṣèyọnu", tí a bi ní ọjọ́ tí ó sì ní "láìpẹ́", kò tíì dá wa lóhùn. Kí a rán ẹnìkan lọ ka ìdì tí ó wà nílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì gba iye tí ó ti ní olówó nínú ìwé, kí owó àsansílẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ wa.

Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà kò gbọdọ̀ fi tiwa pamọ́ fún un. Oníṣòwò tí ó mọ̀ pé àpò 24 ni a ń lò lóòjọ́ yóò mọ̀ pé ìdì 2 lónìí wúlò fún wa ju ìdì 7 ní oṣù Kejìlá lọ.