Àyọkà Kan, Ìpele Mẹ́ta

Ẹni tó bá ti jókòó rí sí ẹ̀yìn kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ka Yorùbá yóò mọ̀ pé àwọn ọmọ tó wà nínú yàrá kan náà kò sí lójú kan náà. Ọ̀kan ti ń ka ìwé ìtàn fúnra rẹ̀. Èkejì ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta ń dúró kí ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀ kí òun náà lè sọ ọ́. Síbẹ̀, ìwé kan náà ló wà níwájú gbogbo wọn. Nígbà tí J. F. Ọdúnjọ ṣe Aláwìíyé, ó tò ó ní ìwé kìíní, ìwé kejì, títí lọ, kí ọmọ lè máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ìpele tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí yàtọ̀ sí ìyẹn, nítorí pé inú kíláàsì kan ṣoṣo ló wà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ni mo ti ń bá olùkọ́ kan ní Ìbàdàn kọ irú àyọkà bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ 36 tó ń kọ́.

Kí a tó kọ ohunkóhun, ó yẹ kí a mọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dé. Ìdánwò ìparí sáà kò lè sọ èyí fún wa, nítorí pé ọmọ tó gba máàkì kékeré lè mọ ìwé kà kó má mọ̀ ọ́n kọ. Ọ̀nà tí a gbà ni pé olùkọ́ pe ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó ní kó ka àyọkà tó ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ sókè, òun sì ń fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà bá ṣì kà. Marie Clay, obìnrin onímọ̀ ará Niu Silandi, ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ kọ́ irú àkọsílẹ̀ yìí lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí àṣìkà kò bá ju márùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún, ọmọ náà lè dá àyọkà yẹn kà. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà sí mẹ́wàá, yóò kà á bí olùkọ́ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ti ju mẹ́wàá lọ, wàhálà pípe ọ̀rọ̀ yóò ti gbà á lọ́kàn débi pé kò ní rántí ohun tó ń kà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fún ọmọ kan, nítorí náà àárọ̀ mẹ́rin ni a fi parí gbogbo wọn.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún níbi kíka àṣìkà. Ọmọ Ìbàdàn tó rí “ṣe” tó sì pè é ní “se” kò ṣì í kà. Ohùn ilé rẹ̀ ló fi kà á. Bí a bá ka ìyẹn mọ́ àṣìkà, ìpele ìsàlẹ̀ ni a ó kó ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé kà dáadáa sí. Ohun tí a ń wá ni bóyá ọmọ náà mọ ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kíkọ kàn. Ìpinnu àkọ́kọ́ tí mo ṣe, tí n kò sì ní yí padà, ni pé ìtàn kan náà ni ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò gbé. Àwọn kan a máa fún àwọn tó ń falẹ̀ ní ìtàn pẹ́pẹ́yẹ, kí àwọn yòókù máa ka ìtàn gidi. Nígbà tí olùkọ́ bá wá dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún gbogbo kíláàsì, ọmọ tó ka ìtàn pẹ́pẹ́yẹ kò ní ohun tí yóò sọ. Àkọlé kan náà, àwòrán kan náà, àwọn ènìyàn kan náà ni tiwa. Àmì kékeré kan ní igun ìwé nìkan ló fi ìyàtọ̀ hàn fún olùkọ́.

Mo máa ń kọ ìpele kejì ṣáájú, nítorí pé láti àárín ni ó rọrùn láti gòkè tàbí láti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ àyọkà wa kan, èyí tó dá lórí gàrí:

“Ìyá Àgbà àti Àdùnní wú ẹ̀gẹ́ ní oko. Wọ́n bó o, wọ́n sì gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ. Wọ́n da ẹ̀gẹ́ tí wọ́n lọ̀ sínú àpò, wọ́n sì gbé òkúta ńlá lé e. Ní ọjọ́ kejì, Àdùnní fẹ́ yan gàrí nítorí pé ọjọ́ ọjà ti sún mọ́lé. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ kan àpò náà, ó ní rárá. Omi ṣì ń kán lábẹ́ rẹ̀.”

Ìpele kẹta nìyí:

“Nígbà tí Ìyá Àgbà àti Àdùnní dé láti oko, wọ́n bó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n wú, wọ́n gbé e lọ síbi ẹ̀rọ, wọ́n sì da èyí tí wọ́n lọ̀ sínú àpò tí wọ́n gbé òkúta ńlá lé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí Àdùnní ti ń wá igi ìdáná, nítorí pé ọjọ́ ọjà ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyá Àgbà fọwọ́ kan àpò náà, ó ní rárá. Omi ṣì ń kán tó, tó, tó lábẹ́ rẹ̀.”

Ìpele kìíní sì rèé:

“Ìyá Àgbà wú ẹ̀gẹ́. Àdùnní bó ẹ̀gẹ́ náà. Wọ́n fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀gẹ́ náà. Wọ́n da ẹ̀gẹ́ náà sí inú àpò. Wọ́n gbé òkúta ńlá lé àpò náà. Ilẹ̀ mọ́. Àdùnní ní, ‘Ọ̀la ni ọjọ́ ọjà. Ẹ jẹ́ kí a yan gàrí.’ Ìyá Àgbà fi ọwọ́ kan àpò náà. Ó ní, ‘Rárá.’ Omi ń kán ní abẹ́ àpò náà.”

Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ tó wà ní ìpele kìíní kò fi bẹ́ẹ̀ kúrú ju ti ìpele kẹta lọ. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kúrú tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe gígùn ọ̀rọ̀ ló ń dá ọmọ dúró. Gbólóhùn tí a fi “tí” so mọ́ inú gbólóhùn mìíràn ni, irú “àpò tí wọ́n gbé òkúta ńlá lé”, nítorí pé ọmọ gbọ́dọ̀ di àpò mú lọ́kàn kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ìsúnkì ni èkejì. Ọmọ tó mọ “fi” tó sì mọ “ọwọ́” lè dúró lójú “fọwọ́” bí ẹni tí kò rí i rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ “fi ọwọ́ kan”, “sí inú” àti “ní abẹ́” sílẹ̀ gbangba ní ìpele kìíní. Arọ́pò orúkọ ni ẹ̀kẹta: nínú “wọ́n bó o”, lẹ́tà kan ṣoṣo ló dúró fún ẹ̀gẹ́, ọmọ sì lè fò ó kọjá. Mo tún “ẹ̀gẹ́ náà” kọ léraléra. Kò dùn létí ẹni tó mọ̀wé, mo gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo kọ ọ́ fún.

Àwọn kan ti gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yọ àmì ohùn kúrò ní ìpele kìíní kí ojú ìwé lè mọ́. N kò gbà. Ọmọ tó mọ̀wé lè fi òye gbé ìyàtọ̀ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ jáde láti inú ìtàn. Ọmọ tó ń falẹ̀ gan-an ló nílò àmì náà. Ibì kan wà tí àmì ohùn kò ti lè gbà wá, ìyẹn sì ni “lọ”. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣe “lọ̀” ní, bí ẹ ṣe rí i nínú “èyí tí wọ́n lọ̀”. Ṣùgbọ́n bí orúkọ bá tẹ̀ lé e, ohùn rẹ̀ á di ti àárín, á sì jọ “lọ” tí à ń lò fún ìrìn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wo “Wọ́n lọ ẹ̀gẹ́ náà”, mo mọ̀ pé ọmọ tó ń ka ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan yóò ti rìnrìn àjò kí ẹ̀gẹ́ tó dé. “Wọ́n fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀gẹ́ náà” mú kí ẹ̀rọ ṣáájú, ọkàn rẹ̀ á sì ti wà níbi tó yẹ.

Ibi ìbéèrè ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ gbólóhùn kan tí kò ní ìtumọ̀: “Agbàlú náà ń gbìrì nínú kẹ̀kẹ́rì.” Níbo ni agbàlú náà ti ń gbìrì? Nínú kẹ̀kẹ́rì. Ẹ ti yege, ẹ kò sì mọ ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni “Kí ni wọ́n gbé lé àpò náà?” ṣe rí: ó ń wò bóyá ọmọ rí ọ̀rọ̀, ó sì wúlò fún ìyẹn, ṣùgbọ́n kò kọjá bẹ́ẹ̀. Àléébù kejì fara pa mọ́ jù ú lọ. “Kí ni a fi ń ṣe gàrí?” jẹ́ ìbéèrè tí ọmọ lè dáhùn láìṣí ìwé rárá. Kí n tó fi ìbéèrè kankan sílẹ̀, mo máa ń bi ọmọ kan tí kò ka àyọkà náà. Bó bá dáhùn rẹ̀, ìmọ̀ ilé ni ìbéèrè náà ń wọ̀n, mo sì ń yọ ọ́ kúrò.

Ìbéèrè tí gbogbo àyọkà yìí dúró lé ni: “Kí ló dé tí Ìyá Àgbà fi ní rárá?” Kò sí gbólóhùn kan nínú ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó sọ ọ́. Ọmọ gbọ́dọ̀ so ọwọ́ tó kan àpò pọ̀ mọ́ omi tó ń kán, kó mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ náà kò tíì gbẹ tó yíyan. Mo fi ìbéèrè náà sí ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìpele kẹta kọ ìdáhùn ní gbólóhùn méjì. Ìpele kejì parí gbólóhùn tí a bẹ̀rẹ̀ fún wọn. Ìpele kìíní mú ọ̀kan nínú mẹ́ta: (a) Ó ti rẹ̀ ẹ́. (b) Omi kò tíì tán nínú ẹ̀gẹ́ náà. (d) Ọjọ́ ọjà ti kọjá. Ìdáhùn tí kò tọ̀nà gbọ́dọ̀ jọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn. Bí mo bá fi “Ó fẹ́ fò lọ” síbẹ̀, ẹ̀rín ni àwọn ọmọ máa fi yan ìdáhùn.

Nígbà tí olùkọ́ pe gbogbo wọn jọ láti sọ̀rọ̀ lórí ìtàn náà, ọmọkùnrin kan tó ka ìpele kìíní ló nawọ́. Ó ní bí wọ́n bá yan án bẹ́ẹ̀, yóò di kókó nínú agbada, kò sì sẹ́ni tí yóò rà á lọ́jà. Ìyá rẹ̀ ń yan gàrí, ẹ̀rí sì wà pé ìmọ̀ ilé ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ ní láti ka omi tó ń kán yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sì kà á. Bí ìtàn pẹ́pẹ́yẹ ni a fún un, a kì bá tí gbọ́ ọ.

Ní báyìí, olùkọ́ náà ń ṣọ́ oríṣi ọmọ méjì. Àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń kà geere, tó sì dákẹ́ bí a bá ní kó sọ ìtàn náà lẹ́nu ara rẹ̀. A ó fi í sílẹ̀ ní ìpele tó wà, a ó sì fi kún ìbéèrè “kí ló dé”. Èkejì ni ẹni tí àṣìkà rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n tó mọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìpele tó ga jù ni a ó dán an wò pẹ̀lú ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, gbogbo wọn yóò tún padà sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì pẹ̀lú àyọkà tuntun ọlọ́gọ́rùn-ún ọ̀rọ̀. Mo ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Aládìí tó ń se àdí ni yóò dá lé, ìpele kejì ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀.