Ta ni yóò kọ́kọ́ yan àsìkò iṣẹ́?

Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìgboro ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe ọ̀gá ló ń pín àsìkò iṣẹ́ fún àwọn awakọ̀. Bí ìgbà yíyàn bá dé, awakọ̀ tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ mú èyí tó wù ú, ẹni tó tẹ̀lé e yóò sì yan nínú ìyókù. Ọjọ́ orí kọ́ ni wọ́n ń wò, ọjọ́ tí oníkálukú wọṣẹ́ ni, bí ìyálé ṣe jẹ́ ìyálé, ì báà jẹ́ pé ìyàwó tó dé lẹ́yìn dàgbà jù ú lọ.

Ìlànà yìí tọ́, nítorí pé ẹni tí ọ̀gá kò fẹ́ràn kò lè tìtorí ìyẹn bá ara rẹ̀ nínú iṣẹ́ òru.

Ṣùgbọ́n kí a wo awakọ̀ 12: mẹ́rin ní òwúrọ̀, mẹ́rin ní ọ̀sán, mẹ́rin ní òru. Bí àgbà méjì bá fẹ̀yìn tì, tí ẹni tuntun méjì sì wọlé, ẹni kẹsàn-án àti ẹni kẹwàá lè bọ́ lọ́wọ́ òru. Níbi tí a kò bá ti gba ẹnikẹ́ni mọ́ ńkọ́? Àwọn mẹ́rin kan náà ni yóò máa rí òru títí. Níbẹ̀, ẹni tó bá ti ṣe òru nígbà méjì léraléra ni ó yẹ kó kọ́kọ́ yan nígbà kẹta. Àwọn àgbà lè ráhùn pé àwọn náà ti ṣe òru tiwọn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tuntun ń wọlé lẹ́yìn wọn nígbà náà.