Ẹ Yé Di Ẹ̀bi Ru Fóònù Kékeré

Bí géèmù bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, fóònù ni gbogbo èèyàn máa ń nàka sí. Ẹni tó ń ta fóònù n'Íkẹjà á ní kó o fowó kún un, kó o mú èyí tó jù ú lọ. Ẹni tó ṣe géèmù á ní ẹ̀rọ rẹ ti gbó. Èmi ò gbà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ṣe géèmù yẹn gan-an ló jẹ̀bi, torí ó mọ bí wọ́n ṣe ń fún ẹrù pọ̀, kò kàn fẹ́ ṣe wàhálà rẹ̀ ni.

Àwòrán lọ̀rọ̀ wà. Aṣọ jagunjagun, ògiri, koríko, ọkọ̀: àwòrán pẹlẹbẹ ni wọ́n fi bo gbogbo wọn lára, àwọn ló sì sábà máa ń gba àyè jù nínú géèmù ńlá. Ẹ jẹ́ ká mú aṣọ jagunjagun kan ṣoṣo, tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ píkísẹ́lì 2048 níbùú, 2048 lóròó. Bí a ò bá fún un pọ̀, báìtì mẹ́rin ni píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń gbà, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 16 MB. Aṣọ ẹnì kan nìyẹn o! Òṣìṣẹ́ tó ya ọ̀lẹ á ní òun ti fi í pa mọ́ bíi PNG, ó sì ti kéré. Lóòótọ́, ó kéré níbi ìpamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà fóònù tó ń yàwòrán sójú gíláàsì kò lè ka PNG. Géèmù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú u sínú RAM, 16 MB náà á sì padà dé láìdín. Ìdí nìyí tí géèmù tí kò tóbi lójú fi lè mú kí fóònù dákú.

ASTC yàtọ̀ síyẹn. ARM àti AMD ló ṣe é, ó sì ti wà láti 2012. Ó máa ń gé àwòrán sí ègé kéékèèké, báìtì 16 péré sì ni ègé kọ̀ọ̀kan ń gbà, bó ti wù kí ègé náà fẹ̀ tó. Bí ègé bá jẹ́ píkísẹ́lì 4x4, aṣọ wa á di 4 MB. Bó bá jẹ́ 8x8, ó di 1 MB. Bó ṣe kéré yẹn náà ló máa wà nínú RAM, torí pé fóònù lè kà á láìtú u. Àwọn fóònù àtijọ́ kan kò mọ ASTC, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn mọ ETC2, tó máa sọ aṣọ yẹn di 4 MB.

Wọ́n á ní ẹwà á bàjẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: 8x8 máa ń ba ìkọ̀wé àti ojú èèyàn jẹ́, kí wọ́n fi 4x4 sílẹ̀ fún àwọn yẹn. Ṣùgbọ́n ojú gíláàsì fóònù tí à ń wí jẹ́ 720 sí 1600, ìyẹn píkísẹ́lì 1,152,000. Àwòrán aṣọ yẹn nìkan ní 4,194,304. Ta ló fẹ́ rí ìyókù? Ẹ dín in kù sí 1024, ẹ fún un pọ̀ ní 8x8, ó di 256 KB, ìdá kan nínú 64 ohun tí a fi bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n tún máa ń sá sábẹ́ ọgbọ́n pé géèmù ń gbé ẹrù wọlé díẹ̀díẹ̀: bí o bá sún mọ́ ilé kan, àwòrán rẹ̀ á wọ RAM, bí o bá jìnnà, á jáde. Ọgbọ́n dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ibi ìpamọ́ fóònù kékeré kì í yára kà, tí ẹrù bá sì wúwo, wàá kọ́kọ́ rí ògiri bíi ẹrẹ̀ kó tó mọ́. Bí RAM bá kún, Android á pa géèmù náà láìsọ nǹkan kan. Ojú ilé fóònù nìkan lo máa rí. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní agbègbè kan náà lójoojúmọ́, àwòrán agbègbè yẹn ni kó o fura sí kó o tó fẹ̀sùn kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti ẹrù tí wọ́n fà sẹ́yìn. Play Store fàyè gba kí géèmù pín ẹrù rẹ̀, kí apá kan máa dé nígbà tí géèmù bá béèrè fún un. Olóòótọ́ á fi èyí fún fóònù kékeré ní àwòrán kékeré nìkan. Àwọn kan ń fi í parọ́: wọ́n kọ iye kékeré síta, o dáńlóòdù, o ṣí i, ó tún ní kó o mú ìlọ́po iye yẹn wá. Bí ẹrù náà bá wá nínú zip, àyè tí zip ń gbà àti àyè ohun tí wọ́n tú nínú rẹ̀ lo máa pèsè lẹ́ẹ̀kan náà. Dátà ti lọ kó o tó mọ̀ pé kò ní wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe. Àwọn tó ṣe PUBG Mobile ṣe Lite fún fóònù tí RAM rẹ̀ kéré. Wọ́n dín ilẹ̀ ìjà kù, wọ́n sì fi èèyàn 60 síbẹ̀ dípò 100. Wọ́n jókòó, wọ́n gé e. Ohun tí mo ń béèrè kò tó ìyẹn: kí wọ́n kọ iye MB tí géèmù máa gbà lẹ́yìn ìdíje àkọ́kọ́, àti iye RAM tó máa jẹ, sí ibi tí wọ́n ti ń pè wá pé ká wá dáńlóòdù.