Ọkọ̀ Oníṣaṣí àti Ọkọ̀ Mónókókì: Èwo Ló Lágbára Jù?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Abẹ́òkúta gbà pé ọkọ̀ tó bá wúwo jù ló lágbára jù. N kò fara mọ́ èrò yìí. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí á fi ọkọ̀ méjì tí àwọn àgbà mọ̀ dáadáa yẹ ọ̀rọ̀ náà wò: bolẹ̀kájà àti káà Píjó 504.

Oníṣaṣí ni bolẹ̀kájà ìgbà náà. Irin gígùn méjì wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù Bẹ́dífọ́ọ̀dù, irin mìíràn sì dábùú wọn bí àkàbà. Orí rẹ̀ ni àwọn káfíńtà ń fi pákó kan ilé ọkọ̀ sí. Bí a bá tú pákó náà kúrò, ọkọ̀ yóò ṣì máa rìn, nítorí pé ṣaṣí ló ń ru ẹrù.

Píjó 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975, kò ní irú àkàbà bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ọkọ̀, òpó, òrùlé àti irin abẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n jó pọ̀ di ẹyọ kan, gbogbo wọn sì jọ ń ru ẹrù. Èyí ni mónókókì.

Bí o bá fẹ́ mọ agbára rẹ̀, mú páálí kan tí a lẹ̀ pa, kí o gbìyànjú láti lọ́ ọ. Yóò le. Gé ìdérí rẹ̀ kúrò, yóò lọ́ lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mónókókì ṣe le láìwúwo, tí kì í sì í jẹ epo púpọ̀. Ó tọ́ fún èrò.

Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kó òkúta láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ, tàbí sìmẹ́ǹtì láti Ewékorò, oníṣaṣí ló yẹ. Irin rẹ̀ nípọn, ó lè gba ẹrù ńlá, ó sì lè lọ́ díẹ̀ nínú kòtò láìsán. A tún lè pààrọ̀ ilé ẹrù rẹ̀ láìfọwọ́ kan agbára rẹ̀.

Ewu mónókókì ni ìpẹtà. Bí irin abẹ́ ilẹ̀kùn bá jẹrà, apá kan nínú egungun ọkọ̀ ló jẹrà, ọ̀dà kò sì lè wò ó sàn. Ká ní o fẹ́ ra àlòkù: fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè lápá iwájú, kí o ṣí ilẹ̀kùn, kí o sì tì í. Bí ó bá há, tàbí tí àlàfo etí rẹ̀ kò bá dọ́gba mọ́, ara ọkọ̀ náà ti rọ̀. Má rà á.

Ní ìparí, èrò mi ni pé ẹrù tí a fẹ́ rù ni kí a fi yan ọkọ̀. Mónókókì ni kí a fi gbé èrò, oníṣaṣí ni kí a fi kó òkúta.