Ẹ Má Ṣe Fi Ìpínrọ̀ Àkọ́kọ́ Tọrọ Iṣẹ́

N kò fara mọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ wa ní lẹ́tà ìwáṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ní kí a kọ àdírẹ́sì méjì, kí a kọ déètì, kí a kọ àkọlé, kí a wá bẹ̀rẹ̀ báyìí pé: "Mo fi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ kọ lẹ́tà yìí láti tọrọ iṣẹ́ tí ẹ kéde." A máa ń gba máàkì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí àgbàlagbà tí gbólóhùn yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dínà mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń ta kò ó.

Àbúrò ìyá mi ni ẹni náà. Akáńtáǹtì ni, ó sì ti lo ọdún 13 ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń pín oògùn fún àwọn ilé ìwòsàn. Ó wù ú láti lọ ṣiṣẹ́ ní àjọ tí kì í wá èrè, irú èyí tó ń gbẹ́ kànga fún àwọn ará abúlé. Ó kọ lẹ́tà sí àjọ mẹ́ta. Kò sí èyí tó dá a lóhùn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ sọ nìyí:

"Mo fi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ kọ lẹ́tà yìí láti tọrọ ipò akáńtáǹtì tí ẹ kéde. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ṣiṣẹ́ ní àjọ tí kì í wá èrè rí, òṣìṣẹ́ takuntakun ni mí, olóòótọ́ ni mí, mo sì fẹ́ràn láti máa ran àwọn aláìní lọ́wọ́."

Olùkọ́ mi ìbá fún un ní máàkì tó pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Gbólóhùn àkọ́kọ́ kò sọ ju ohun tí àkọlé ti sọ lọ. Èkejì fi ohun tí kò ní ṣíwájú ohun tí ó ní, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì kí ẹnikẹ́ni tó bá a wí. Ní ti "olóòótọ́", olè náà lè kọ ọ́. Ìfẹ́ àwọn aláìní ńkọ́? Gbogbo ẹni tó kọ̀wé sí irú àjọ bẹ́ẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ibì kan tí a ti rí ọdún 13.

Ohun tí ẹni tó ń ka lẹ́tà náà ń wá yàtọ̀ sí èyí. Ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣòwò, bí owó bá wọlé, ọ̀gá lè fi san owó ilé tàbí kí ó fi ra ọkọ̀. Ní àjọ tí kì í wá èrè, ọ̀pọ̀ owó ló ní iṣẹ́ tí a dè é mọ́. Ká ní ẹnì kan fún àjọ ní mílíọ̀nù márùn-ún náírà pé kí wọ́n fi gbẹ́ kànga. Wọ́n gbẹ́ kànga tán, ó ku ọ̀kẹ́ mẹ́wàá náírà. Oṣù parí, owó oṣù òṣìṣẹ́ kò pé. Owó náà wà ní báńkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án àyàfi tí ẹni tó fún wọn bá gbà. Bí wọ́n bá ná an, ó lè ní kí wọ́n dá a padà, ó sì lè má fún wọn ní kọ́bọ̀ mọ́ láé. Nítorí náà, akáńtáǹtì irú àjọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ya ìwé owó kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí ó máa jábọ̀ fún ẹni tó ni owó, kí ó sì lè wo ojú ọ̀gá rẹ̀ kí ó sọ pé, "Rárá, sà, owó kànga nìyí." Ìbéèrè tó wà lọ́kàn ẹni tó ń ka lẹ́tà ni pé: ṣé ẹni yìí lè sọ "rárá"?

Nígbà tí ọ̀rẹ́ àǹtí mi kan, tó ń ṣiṣẹ́ ní irú àjọ bẹ́ẹ̀, ka lẹ́tà náà, ó bi í pé, "Ṣé o kò tíì tọ́jú owó tí wọ́n dè mọ́ iṣẹ́ kan rí ni?" Àǹtí mi ronú títí. Ó rántí pé àwọn tó ń ṣe oògùn máa ń fi owó ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ wọn lọ́dọọdún láti fi dá àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́kọ̀ọ́, fún ìyẹn nìkan. Òun ló ń tọ́jú ìwé rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá rẹ̀ ní kí wọ́n yọ níbẹ̀ ra epo ọkọ̀, ó sì kọ̀. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ìpínrọ̀ tí wọ́n kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ni ìyẹ́ tó bo òógùn rẹ̀.

Ó tún ìpínrọ̀ náà kọ báyìí:

"Fún ọdún mẹ́fà, mo tọ́jú owó tí àwọn tó ń ṣe oògùn fi ránṣẹ́ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn nọ́ọ̀sì nìkan: mo ya ìwé rẹ̀ sọ́tọ̀, mo ń jábọ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, mo sì ń dá èyí tó bá ṣẹ́kù padà lọ́dọọdún. Èyí wà lára iṣẹ́ ọdún 13 tí mo ti ṣe gẹ́gẹ́ bí akáńtáǹtì ní ilé-iṣẹ́ tó ń pín oògùn, níbi tí mo ti ń mójú tó ìwé owó ẹ̀ka mẹ́ta báyìí. Mo fẹ́ fi ìrírí yìí tọ́jú owó kànga yín. N kò tíì kọ ìjábọ̀ fún olùrànlọ́wọ́ òkè òkun rí, ṣùgbọ́n mo mọ bí a ti ń tọ́jú owó tí kì í ṣe tiwa."

Ohun tí kò ní ṣì wà níbẹ̀, kò fi pamọ́, ṣùgbọ́n ìgbẹ̀yìn ló wà, lẹ́yìn tí ẹ̀rí ti ṣíwájú. Kò sì dárúkọ iye náírà kankan. Ó ní àṣírí ilé-iṣẹ́ òun ni iye owó náà, àti pé akáńtáǹtì tó bá tú àṣírí ibi tó ti ń bọ̀ yóò tú ti ibi tó ń lọ. Iye ọdún, iye ẹ̀ka àti oṣù mẹ́ta mẹ́ta tó, nítorí ẹni tó bá pe ọ̀gá rẹ̀ lè wádìí wọn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní ìrẹ̀lẹ̀ ni ìwà ọmọlúàbí, pé kí ènìyàn máa sọ iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́ ìgbéraga. N kò gbà. Ẹni tó ní "mo dára ju ẹlòmíràn lọ" ló ń gbéra ga. Ẹni tó ní "ohun tí mo ṣe nìyí, ẹ lọ wádìí" ń jẹ́rìí ni. Àwọn mìíràn á ní àwa ọmọ ilé-ìwé kò ní ọdún 13 tí a ó sọ. Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti tọ́jú owó kíláàsì fún táàmù kan, tó sì kọ̀ láti yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ní ohun tó lè kọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí àdírẹ́sì àti déètì dúró bí wọ́n ṣe wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, ẹ fa igi pupa sí gbogbo gbólóhùn tí ẹlòmíràn lè kọ láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni kí ẹ fún ní máàkì.

Àjọ kẹrin tí àǹtí mi kọ̀wé sí pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìpínrọ̀ kan kò lè fún ènìyàn níṣẹ́, kí wọ́n lè ka ìyókù ni ó wà fún. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi í ni pé, "Ṣé ọ̀gá yín kò ní kí ẹ ná owó àwọn nọ́ọ̀sì yẹn sí nǹkan mìíràn rí?" Ó ní ó ṣẹlẹ̀ rí, ó sì sọ ìtàn epo ọkọ̀ náà fún wọn.